Lọ́yà wa ò fẹ́ fún wa ní fáìlì: kí ni ká ṣe?

Ọmọ Ìyàrá

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá mi wà ní kóòtù gíga ní Kàbà. Lọ́yà wa kì í wá mọ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń rán wá láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. ₦600,000 la jọ fẹnu kò sí, a ti san ₦400,000. Mo sọ fún un pé a fẹ́ mú ẹlòmíràn, ó ní kí n san ₦200,000 tó kù, kí n tún fi ₦350,000 lé e fún mọ́tò àti ìfarahàn ní kóòtù, kí òun tó yọ̀ǹda fáìlì. Gbogbo ìwé ilẹ̀ wa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ ẹjọ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ni kí n ṣe?

*

Ọ̀gá Ìsánlú

Àbúrò, tìẹ ni fáìlì yẹn. Ìwọ lo sanwó, ìwọ lo kó ìwé fún un. Kò sí òfin tó ní kó di ìwé onílẹ̀ mú. Mú ọlọ́pàá kan dání, ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí o sọ pé olè ni. Tó bá rí yunifọ́ọ̀mù, fáìlì á jáde.

*

Akọ̀wé Kóòtù

Ọ̀gá Ìsánlú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí gbé ọlọ́pàá lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbèsè àti àdéhùn ni èyí, òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 sì sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀. Lọ́yà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ní mikàn, ọ̀tá lẹ máa wá fi í ṣe.

Iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ni mo ṣe títí mo fi gba ìfẹ̀yìntì, ilẹ̀ Ọ̀kun yìí ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun méjì làwọn ènìyàn máa ń sọ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní gbogbo fáìlì ni ti oníbàárà, àwọn mìíràn ní iye tí lọ́yà bá pè ni kéèyàn san kó sì dákẹ́. Èmi ò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ohun tó wà nínú fáìlì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ìwé tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kó fún un, tiyín ni. Ìwé tó kọ ní orúkọ yín sí ẹni tí ẹ ń bá ṣẹjọ́, èsì tí wọ́n fi dá a lóhùn, àti ẹ̀dà gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ ní kóòtù, iṣẹ́ tí ẹ sanwó fún ni, tiyín náà ni. Àmọ́ àkọsílẹ̀ tó ṣe fún ara rẹ̀ nígbà tó ń wá òfin, àti ìwé tó kọ sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi ìyẹn ja ìjà, kò wúlò fún lọ́yà tuntun púpọ̀.

Òtítọ́ mìíràn tí Ọ̀gá Ìsánlú ò sọ ni pé tí ẹ bá jẹ lọ́yà lówó iṣẹ́ tó ti ṣe, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti di ìwé yín mú títí ẹ ó fi san. Ó kàn lè dì í mú ni. Kò lè tà á, kò lè fi yáwó, kò lè fún ẹlòmíràn. Owó iṣẹ́ tó ti ṣe ni mo sì sọ, kì í ṣe owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kàn nígbà tó gbọ́ pé ẹ fẹ́ lọ.

*

Ìyá Gààrí

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Akántáǹtì tèmi náà nìyẹn o. Mo ní ilé iṣẹ́ gààrí kékeré ní Ìsánlú, ó ti ń bá mi kọ ìwé owó láti ọdún mẹ́ta, mo wá rí i pé kò san owó-orí tí mo fún un. Ṣé èmi náà lè gba fáìlì mi? Ó ní iṣẹ́ ọpọlọ òun ni, pé kò sí ohun tí òun máa fún mi.

*

Akọ̀wé Kóòtù

Ìyá, mo ń bọ̀ lórí tiyín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ti Ọmọ Ìyàrá, ọjọ́ ẹjọ́ ló ń lé e.

Kó o tó bá lọ́yà yẹn sọ̀rọ̀ mìíràn, lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù ní Kàbà, mú nọ́ńbà ẹjọ́ dání, ní kí wọ́n jẹ́ kí o wo fáìlì kóòtù. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù nítorí ìwé tí kò sí lọ́wọ́ lọ́yà rárá. Tí ẹlẹ́rìí yín kan bá ti jẹ́rìí, tó sì ti fi ojúlówó ìwé lélẹ̀, tí adájọ́ sì gbà á, tó kọ àmì ẹ̀rí sí i, ìwé yẹn ti di ohun tí kóòtù ń pa mọ́. Ọwọ́ akọ̀wé ló wà, lọ́yà ò lè fún ọ, kò sì lè fi dù ọ́.

Èyí tí ẹ kò tíì fi lélẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀dà rẹ̀ sábà máa ń wà pẹ̀lú ìwé ẹjọ́ tí lọ́yà yín kọ́kọ́ fi sílẹ̀, nítorí ó yẹ kí wọ́n so ẹ̀dà gbogbo ìwé tí ẹ fẹ́ lò mọ́ ọn. Gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì kóòtù, o lè sanwó kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ìbọwọ́lùwé jẹ́rìí sí i pé ẹ̀dà tòótọ́ ni. Gba rìsíìtì owó tí o bá san, kí o sì rí i pé ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó jẹ́rìí sí i wà lórí rẹ̀. Pẹ̀lú ìwọ̀nyẹn, lọ́yà tuntun lè kó gbogbo ìtàn ẹjọ́ náà jọ láìrí ojú ti àtijọ́.

Lẹ́yìn náà, mú ìwé kan, kọ orúkọ ìwé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí o kọ ibi tó wà síwájú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wàá mọ ohun tí lọ́yà fi ń dẹ́rù bà ọ́.

*

Ọmọ Ìyàrá

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Mo lọ lánàá. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí. Àbúrò bàbá mi jẹ́rìí lọ́dún tó kọjá, rìsíìtì tí wọ́n fi ra ilẹ̀ àti sáfè ti wà lọ́wọ́ kóòtù. Mo ti sanwó ẹ̀dà gbogbo ìwé ẹjọ́. Méjì ló kù lọ́wọ́ lọ́yà: ìwé ẹ̀rí onílẹ̀ tí ìjọba fún bàbá mi, àti ìwé àdéhùn tí bàbá mi àti ẹbí tó bá wa pààlà jọ fọwọ́ sí. Ẹlẹ́rìí kejì ló yẹ kó fi méjèèjì lélẹ̀.

*

Akọ̀wé Kóòtù

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwé ìjọba yẹn, ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, wọ́n lè ṣe ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ fún yín. Àdéhùn ààlà ni ìṣòro. Ìwé tí ẹbí méjì jọ fọwọ́ sí nílé, tí kò dé ọ́fíìsì ìjọba kankan, tó bá sọ nù, ó sọ nù nìyẹn. Ìwé kan ṣoṣo yẹn ló yẹ kí o fi gbogbo agbára rẹ lé. Ṣé ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú ìwé ẹjọ́?

*

Ọmọ Ìyàrá

Ó wà níbẹ̀, bàbá, ó mọ́lẹ̀ dáadáa.

*

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dúró ná. Ṣé ọmọ Ọ̀kun ni lọ́yà yìí? Tó bá jẹ́ ọmọ wa ni, kí ló dé tí ẹ ò lọ bá àwọn àgbà ilé rẹ̀? Ìwé tí ẹ ń kọ kiri yìí ló máa ń da ìlú rú. Ẹ lọ bá bàbá rẹ̀, ẹ gbé obì lọ, ẹ sọ pé owó tí ẹ rí rèé, kó fún yín ní ìwé yín. Mo ti rí i tó yanjú lọ́jọ́ kan.

*

Akọ̀wé Kóòtù

Bàbá, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀rọ̀ owó. Àwọn àgbà lè ní kó dín iye tó pè kù, wọ́n sì lè jẹ́ kó fi sùúrù bá wa. Àmọ́ kò sí àgbà ìlú tó lè yọ orúkọ lọ́yà kúrò nínú ìwé kóòtù. Ibẹ̀ sì ni ewu ọmọ yìí wà.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò bá fi ìwé ìyípadà lọ́yà sílẹ̀ ní kóòtù, ọ̀gbẹ́ni yẹn ṣì ni lọ́yà yín lójú adájọ́. Òun ni wọ́n ó máa fi ìwé ọjọ́ ẹjọ́ ránṣẹ́ sí. Ó ti bínú báyìí, ó lè jókòó sílé. Bí ẹ̀yin bá jẹ́ olùpẹ̀jọ́, tí ọjọ́ sì pé tí kò sẹ́ni tó yọjú, adájọ́ lè yọ ẹjọ́ náà kúrò nínú ìwé. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ẹbí tó rò pé lẹ́tà tí wọ́n fi lé lọ́yà lọ ti tó.

Bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra ni pé kí ẹ kọ́kọ́ bá lọ́yà tuntun fẹnu kò, kí ẹ tó fún ti àtijọ́ ní lẹ́tà. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà bá dé ọwọ́ ti àtijọ́, kí tuntun fi ìwé ìyípadà sílẹ̀ ní kóòtù, kí wọ́n sì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ fún lọ́yà àtijọ́ àti lọ́yà àwọn tí ẹ ń bá ṣẹjọ́. Ìlànà iṣẹ́ lọ́yà gan-an sọ pé tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ti àtijọ́ mọ̀ pé òun ti gba iṣẹ́ náà, kó sì gbìyànjú kí wọ́n san owó tí ẹ bá jẹ ẹ́. Nítorí náà, kó má yà yín lẹ́nu tí lọ́yà tuntun bá bi yín léèrè pé èló lẹ jẹ ẹni àkọ́kọ́.

Ní ti lẹ́tà, kó kúrú. Ẹ má kọ ẹ̀sùn sínú rẹ̀ rárá. Irú èyí ti tó:

"Láti ọjọ́ tí ẹ bá gba lẹ́tà yìí, a kò fẹ́ kí ẹ ṣojú wa mọ́ nínú ẹjọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ìwé tó wà nísàlẹ̀ yìí fún ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Ẹ fún wa ní ìwé iye owó iṣẹ́ yín, kí ó sọ ohun tí ẹ ṣe àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é, kí ẹ sì ṣírò owó tí ẹ ti gbà lọ́wọ́ wa."

Kí o wá to àwọn ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àdéhùn ààlà ni kó ṣáájú. Tẹ lẹ́tà ní ẹ̀dà méjì, kí akọ̀wé ọ́fíìsì rẹ̀ fọwọ́ sí ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ àti òǹtẹ̀, kí o gbé e padà lọ sílé. Wásáàpù nìkan ò tó.

*

Lọ́yà Lọ́kọ́ja

Ẹ̀yin ará, èmi náà lọ́yà ni, mo kéré sí bàbá akọ̀wé. Ohun tí wọ́n sọ lórí ìwé ìyípadà tọ̀nà. Àmọ́ ẹ má fi gbogbo wa ṣe olè. Láti Lọ́kọ́ja dé Kàbà, epo mọ́tò, ọjọ́ tí adájọ́ ò jókòó, gbogbo rẹ̀ owó ni. Oníbàárà a sì máa sá nígbà tí iṣẹ́ bá ti kọjá ìdajì. Ìwé yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ lọ́yà tó lè fi rí owó rẹ̀ gbà. Bí èmi bá jẹ́ ọ̀gbẹ́ni náà, mi ò ní yọ̀ǹda àdéhùn ààlà ná.

Ohun tí mo lè ṣe ni kí n fún wọn ní ẹ̀dà, tàbí kí wọ́n fi owó tí a ń jà lé lórí sọ́wọ́ ẹni kẹta tí a jọ gbà, kí n wá yọ̀ǹda ojúlówó. Ìyẹn ló dára fún tọ̀tún tòsì.

*

Ọ̀gá Ìsánlú

Kí wọ́n tún lọ fi owó sọ́wọ́ ẹni kẹta? Owó tí kò tọ́ sí i? Rárá o. Mi ò gbà.

*

Akọ̀wé Kóòtù

Ọ̀gá Ìsánlú, ẹ ò ṣẹ̀ lórí ₦350,000 yẹn, òun náà lèmi ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ ya owó méjèèjì sọ́tọ̀. ₦200,000 jẹ́ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Lára rẹ̀, iye tó bá iṣẹ́ tó ti ṣe mu ló tọ́ sí lọ́yà, nítorí ẹjọ́ náà ò tíì parí. ₦350,000 ni kò sí nínú àdéhùn kankan. Tí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ẹ̀yin lẹ máa dà bí ajigbèsè tí kò fẹ́ san ohunkóhun.

Lọ́yà ò lè gbé yín lọ sí kóòtù lórí owó iṣẹ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fún yín ní bíìlì tó ṣàlàyé ohun tó ṣe, kí oṣù kan sì kọjá lórí rẹ̀. Ó wà nínú òfin àwọn lọ́yà. Láàárín oṣù kan náà, ẹ̀yin lè ní kí kóòtù gíga yẹ bíìlì náà wò bóyá ó pọ̀ jù. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ẹ béèrè bíìlì nínú lẹ́tà. Ẹni tó ń pariwo iye kan lórí fóònù, tí wọ́n bá ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, iye náà sábà máa ń wálẹ̀.

Ìyá Gààrí, ó yá. Ẹ ya ohun méjì sọ́tọ̀ lórí akántáǹtì. Tí ẹ bá gbà á láti máa kọ ìwé owó fún yín, ìwé tó kọ yẹn ni ti ilé iṣẹ́ yín, pẹ̀lú rìsíìtì, ìwé báńkì, àti gbogbo ohun tó fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ owó-orí ní orúkọ yín. Tó bá jẹ́ pé àyẹ̀wò ìwé ló ṣe, àwọn ìwé tó fi ṣàyẹ̀wò jẹ́ tirẹ̀, èsì àyẹ̀wò ni tiyín. Ti yín dà bí àkọ́kọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa fi ṣe ṣáájú yàtọ̀ pátápátá. Ímeèlì ta ni wọ́n fi forúkọ yín sílẹ̀ lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ owó-orí? Tó bá jẹ́ ímeèlì akántáǹtì, ẹ lọ sí ọ́fíìsì owó-orí pẹ̀lú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ yín, kí wọ́n yí i sí tiyín kí ó tó gbọ́ pé ẹ ń lọ. Kí ẹ sì ní kí wọ́n fi han yín ohun tí wọ́n rí gbà lórí nọ́ńbà owó-orí yín. Tí kò bá sí ìsanwó níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ti kọjá ti fáìlì. Ẹ mú rìsíìtì owó tí ẹ fún un lọ bá ẹgbẹ́ akántáǹtì tó jẹ́ ọmọ rẹ̀, bóyá ICAN tàbí ANAN.

*

Ìyá Gààrí

Ímeèlì rẹ̀ ni o. Kò sì sí rìsíìtì, ọwọ́ ni mo fi ń fún un lówó. Ẹlòmíràn tí mo fẹ́ mú ní òun máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí i, pé kí n gbà kí òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

*

Akọ̀wé Kóòtù

Ẹ gbà fún un, ìyá. Bí àwọn akántáǹtì ṣe ń ṣe é nìyẹn: tuntun á bi ti àtijọ́ léèrè bóyá ìdí kan wà tí kò fi yẹ kó gba iṣẹ́ náà. Ẹni tó kọ̀wé bẹ́ẹ̀ ló mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti owó tí kò ní rìsíìtì, ẹ wo ìwé báńkì yín bóyá ọjọ́ tí ẹ gba owó jáde bá ọjọ́ tí ẹ fún un mu, kí ẹ sì tọ́jú ọ̀rọ̀ Wásáàpù tó ti ń béèrè owó-orí.

*

Ọmọ Ìyàrá

Mo ní ìròyìn. Lọ́yà tuntun ti fi ìwé ìyípadà sílẹ̀, a ti fún ti àtijọ́ ní lẹ́tà, akọ̀wé rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ó fi bíìlì ránṣẹ́: ₦200,000 àti ₦280,000. Ó to ọjọ́ mẹ́jọ tó ní òun wá sí kóòtù, ₦35,000 lọ́jọ́ kan. ₦350,000 ló pe ìyẹn tẹ́lẹ̀, ó ti dín in kù.

*

Akọ̀wé Kóòtù

Ó ti wálẹ̀, ẹ rí i. Padà sí ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù. Ní gbogbo ọjọ́ tí ẹjọ́ bá wáyé, adájọ́ máa ń kọ orúkọ lọ́yà tó dúró fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìgbẹ́jọ́. Ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ìwé ìgbẹ́jọ́ náà fún ọ, kí o gbé bíìlì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o wo ọjọ́ mẹ́jọ yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí orúkọ ọmọ iṣẹ́ bá wà níbẹ̀, kọ ọ́ sọ́tọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ pé kò sí lọ́yà fún olùpẹ̀jọ́, kọ ìyẹn náà sọ́tọ̀.

*

Ọmọ Ìyàrá

Mo ti ṣe é, bàbá. Nínú mẹ́jọ, òun fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ mẹ́ta. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá lọ́jọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ kan, kò sẹ́ni tó yọjú rárá.

*

Lọ́yà Lọ́kọ́ja

Ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó wá, kó yọ ọ́ kúrò, kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tó wá, ọ́fíìsì náà ló wá. Epo tí ó sun kò yàtọ̀ sí ti ọ̀gá rẹ̀.

*

Akọ̀wé Kóòtù

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Tí ẹ bá ti fẹnu kò sí ₦600,000 fún gbogbo ẹjọ́, ìfarahàn wà nínú rẹ̀, yálà ọ̀gá ló wá tàbí ọmọ iṣẹ́, àyàfi tí lọ́yà bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìyàrá, ṣé ìwé kankan wà lórí ₦600,000 yẹn?

*

Ọmọ Ìyàrá

Kò sí, bàbá. Ẹnu ni, níwájú bàbá mi àti àbúrò rẹ̀. Bàbá mi ti kú.

*

Lọ́yà Lọ́kọ́ja

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa le. Tó bá sọ pé ìfarahàn ò sí nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ti àbúrò bàbá yín ni kóòtù máa fi wé ara wọn.

*

Akọ̀wé Kóòtù

Bó ṣe rí nìyẹn. Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ tèmi: kí lọ́yà tuntun kọ̀wé pé ẹ ṣe tán láti san ₦200,000 kíá lọ́jọ́ tí ó bá yọ̀ǹda àdéhùn ààlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ò parí, kí ẹ fi ₦105,000 fún ọjọ́ mẹ́ta tó fúnra rẹ̀ wá sọ́wọ́ ẹni kẹta, kí ẹ sì sọ pé ìyókù ni ẹ ó ní kí kóòtù yẹ̀ wò. Oṣù kan tí ẹ ní ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí bíìlì dé ọwọ́ yín, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ ẹjọ́, tí kò bá tíì fún yín, kí lọ́yà tuntun sọ ọ́ níwájú adájọ́ pé ọwọ́ lọ́yà àtijọ́ ni ojúlówó wà, kó sì mú ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ kóòtù dání. Àwọn adájọ́ kan á bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

*

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ ṣì lè rán mi sí bàbá rẹ̀ lórí ₦105,000 yẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Mo lè lọ ní Sátidé.

*

Ọmọ Ìyàrá

Ẹ lọ, bàbá, mo bẹ̀ yín. Lọ́yà tuntun ní òun á kọ lẹ́tà yẹn lọ́la.